Bí mo ṣe pa àwàdà òṣómàáló, àti bí mo ṣe jí i padà

Lọ́dọọdún, nígbà tí ìpàdé ẹbí wa bá ń súnmọ́lé ní Iléṣà, a máa ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí a ń pín fún gbogbo ọmọ ilé. Orúkọ àwọn tó bí ọmọ, àwọn tó ṣègbéyàwó, àwọn tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ojú ìwé tó kẹ́yìn jẹ́ ti àwàdà, èmi ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́. Àwọn àgbà á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún kan, bàbá wa àgbà tó ń gbé ní Ìsọ̀kun fi àwàdà òṣómàáló kan ránṣẹ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ohùn náà gùn. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́, mo tún un ṣe, mo gé e kúrú, mo fi àmì ohùn sí i. Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ní kí ọmọ kan dìde kà á fún gbogbo ilé. Ó kà á dáadáa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra wọn jókòó síbẹ̀, wọ́n tẹ́tí títí dé òpin, wọ́n wá bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Ta ló sọ eléyìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé, lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tó wà nínú ohùn Bàbá tí kò sí nínú ohun tí mo kọ. Ènìyàn kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà, gbèsè kan náà. Ó gbà mí tó oṣù kan kí n tó rí ibi tí mo ti ṣe é báṣubàṣu, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ mú yín dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwàdà náà bí Bàbá ṣe sọ ọ́, láìka àwọn ibi tí wọ́n ti yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òṣómàáló kan ta aṣọ láwìn fún ọmọkùnrin kan ní abúlé. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò rí kọ́bọ̀. Ó jí lọ sílé ọmọ náà ní kùtùkùtù, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Ọmọ náà jáde, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá." Òṣómàáló ní, "Owó mi dà?" Ọmọ náà bá oko lọ. Ó padà dé láti wá jẹun, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá." Òṣómàáló ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó mi dà?" Ọmọ náà jẹun tán, ó gba ìdí ayò lọ. Ilẹ̀ ṣú. Ó darí dé, ó bá òṣómàáló lóṣòó síbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Òṣómàáló gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?"

Ohun tí èmi kọ nìyí:

Ní ayé àtijọ́, òṣómàáló kan wà tí onígbèsè rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nípa kíkí i pé "ẹ kú ilé" lẹ́yìn tí ó ti dúró dè é sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́ nítorí owó aṣọ àdìrẹ kan tó rẹwà púpọ̀. Òṣómàáló náà kò bínú. "Káàbọ̀, kí lo rà bọ̀ fún wa?" ni ó fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Òṣómàáló ni àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi máa gba owó wọn.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ tí olùkọ́ máa fi gègé pupa fà. Ṣùgbọ́n òkú ni, èmi ni mo sì pa á.

Ibi àkọ́kọ́ ni àwọn ìkíni. Nígbà tí mo ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, ohun tí ojú mi rí ni pé "ẹ kú àárọ̀" àti "ẹ kú ọ̀sán" kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tí wọ́n pa lẹ́rìn-ín. Mo gé wọn. Mo wá dá àdìrẹ sí, nítorí pé ó lẹ́wà lójú mi. Ìdàkejì gan-an ló yẹ kí n ṣe. Àdìrẹ ni ẹrù tí kò wúlò: ìbáà jẹ́ àdìrẹ, ìbáà jẹ́ àǹkárá, àwàdà kò yí padà. Àwọn ìkíni méjèèjì ni òpó tó gbé ilé dúró. Ẹ wò ó: ìkíni àárọ̀ dé, kò sí ìṣòro. Ìkíni ọ̀sán dé, ẹni tó ń gbọ́ ti mọ ọ̀nà tí a ń gbà lọ, ọkàn rẹ̀ ti sáré síwájú, ó ti ń dúró de "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" tàbí "ẹ káalẹ́". "Ẹ kú ilé" wá já lù ú. Ìkíni bíi tàwọn yòókù ni, ó bá wọn mu létí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé ẹni tó ti òde dé ló ń kí onílé báyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ọmọ yẹn ti gbé ilé rẹ̀ fún ẹni tó wá sin gbèsè. Bí a bá mú àárọ̀ àti ọ̀sán kúrò, kò sí ohun tó ń tan ẹnikẹ́ni, "ẹ kú ilé" á sì kàn jókòó síbẹ̀ bíi ìkíni lásán.

Mo ti wá rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń tó. Ẹ̀ẹ̀kan kò ì tí ì di àṣà, ẹni tó ń gbọ́ kò ní retí ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin á ti sú u, á ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ tan òun. Nítorí náà, bí mo bá ń gé àwàdà kúrú nísinsìnyí, ohun tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì ni mo kọ́kọ́ ń dáàbò bò, màá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gé ohun tó wáyé lẹ́ẹ̀kan tí kò sì padà wá.

Ibi kejì ló ṣòro fún mi jù láti rí, nítorí pé iṣẹ́ dáadáa ni mo rò pé mo ṣe. Láti àárọ̀ ni òṣómàáló ti ń pe ọmọ yẹn ní "ìwọ ọmọ yìí". Àgbà ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní òpin, ó wá sọ pé "Ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ rà bọ̀." Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rò pé ahọ́n Bàbá ló yọ̀, pé àgbàlagbà kì í sọ "ẹ" sí ọmọdé. Mo tún un ṣe. Mo sọ ọ́ di "Káàbọ̀, kí lo rà bọ̀."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí "ẹ" yẹn jẹ́. Bí o bá pẹ́ lóde títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ìyá rẹ sì pariwo mọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́. Ìgbà tí ìyá bá rọra ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ṣé kí n gbé oúnjẹ yín wá," ni ẹsẹ̀ rẹ á gbọ̀n. Ọ̀wọ̀ tí a bù fún ẹni tí kò tọ́ sí ni ẹ̀sín tó mú jù nínú èdè wa, kò sì nílò ohùn kankan láti gbé e, kìkì lẹ́tà kan ni. Nínú àwàdà Bàbá, iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà yẹn ń ṣe. Ó ń fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, ó sì ń fi hàn pé òṣómàáló ti gba ilé tí wọ́n fi yẹ̀yẹ́ gbé fún un: òun ti di ará ilé, ọmọ yẹn ló wá di ẹni tó ti ọjà dé, tí àwọn ará ilé ń yọjú sí agbọ̀n rẹ̀. "Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?" Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Owó rẹ̀ ló sì ń béèrè níbẹ̀ síbẹ̀, láìdárúkọ owó.

Àtúnṣe tó ń mú kí ọ̀rọ̀ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin dára fún lẹ́tà ìjọba. Nínú àwàdà, ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti bára mu ni kí a kọ́kọ́ fura sí pé ẹ̀rín wà. Mo ti pinnu pé n kò ní fọwọ́ kan irú ibẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé mo bi ẹni tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ "fi ṣe yẹ̀yẹ́" àti "fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn" tí mo kọ ńkọ́? Ìbẹ̀rù ló mú mi kọ wọ́n. Nínú ohùn Bàbá, ẹ̀sín náà hàn gbangba: wọ́n fa "ilé" gùn díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ kí òṣómàáló tó fèsì. Mo mọ̀ pé ìwé kò ní ohùn, mo wá ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá kà á á rò pé òótọ́ ni ọmọ yẹn ń kí bàbá. Mo fi àlàyé dí àyè ohùn. Bàbá Sàlá, Mósẹ̀ Ọláìyá, aláwàdà ọmọ Ìjẹ̀ṣà tiwa tó papò dà ní 2018, wọ awò ojú rẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó gbé aago ńlá kọ́rùn. Kó tó lanu rárá ni o ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kì í ṣe bó ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé kò ní awò yẹn. Ṣùgbọ́n àlàyé kò lè ṣe iṣẹ́ awò. Bí o bá ti sọ fún mi pé yẹ̀yẹ́ ni, o ti gba iṣẹ́ mi ṣe, ìdùnnú tí ǹ bá fi mọ̀ ọ́n fúnra mi ti lọ.

Ohun tó ń rọ́pò ohùn ni kí ohun tó ṣẹlẹ̀ máa tako ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, kí àwọn méjèèjì sì wà nítòsí ara wọn. "Ó bá òṣómàáló lóṣòó síbẹ̀" wà lójú kan náà pẹ̀lú "ẹ kú ilé o." Onílé kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ojú á rí ìlóṣòó, etí á gbọ́ ìkíni onílé, ẹni tó ń kà á á sì mọ̀. Nínú tèmi, mo ti sọ "lóṣòó" di "dúró dè é". Ìyẹn náà pa nǹkan. Ènìyàn lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ó ku bí mo ṣe tò ó. Èdè wa fẹ́ràn kí a gbé ohun tó ṣe pàtàkì síwájú kí a fi "ni" tẹ̀ ẹ́. "Káàbọ̀, kí lo rà bọ̀ fún wa, ni ó fi dá a lóhùn." Ó dùn létí, ó dà bí ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dé kí gbólóhùn tó parí, ìrù gbólóhùn sì wá ń wọ́ nílẹ̀: "ni ó fi dá a lóhùn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín." Àwọn tí mo ní wọ́n bú sẹ́rìn-ín yẹn ló gba ẹ̀rín lẹ́nu àwọn tó ń kà á. "Ó ní" tó ṣáájú ló dára jù: ó kéré, kò sẹ́ni tó ń rí i, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó pa'ni lẹ́rìn-ín jẹ́ ohun tó kẹ́yìn lójú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan.

Àlàyé òṣómàáló tí mo fi sí ìsàlẹ̀ kò burú bí àlàyé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó nílò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé inú "òṣó ni màá ló" ni orúkọ iṣẹ́ náà ti jáde. Ibi tó wà ló burú. Ohun tí ẹni tó ń kà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ibi ẹ̀rín, kò sì gbọdọ̀ dà bí ẹ̀kọ́. Bàbá ti ṣe é: wọ́n fi í sẹ́nu òṣómàáló fúnra rẹ̀ láàárọ̀, "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Ẹni tó mọ̀ kò ní rò pé wọ́n ń kọ́ òun, ẹni tí kò mọ̀ ti gbọ́.

Láti ìgbà yẹn, ojú tí mo fi ń wo ohun tí mo ń kọ ti yàtọ̀. Ọmọ àbúrò mi kan ní Ilé-Ifẹ̀ kọ èyí ránṣẹ́ sí mi: "Ó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ láti Lágere. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ mi, ó sì gbé orí lé èjìká mi títí a fi jáde nílùú. Mo ti ń ro ohun tí n ó bi í. Nígbà tí a dé Iléṣà, ẹni tó ni ín kàn fà á sọ̀ ni, pẹ̀lú okùn." Ó ní òun fẹ́ tún un kọ kó yé ènìyàn, kí òun fi "ewúrẹ́ kan" sí ìbẹ̀rẹ̀ dípò "ó". Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. "Ó" yẹn ni gbogbo àwàdà náà. Ní èdè wa, kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò sọ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹran, òun ló sì jẹ́ kí ọkàn wa máa ro arẹwà kan láti Lágere títí dé ibi okùn. Kò tilẹ̀ yẹ kó dárúkọ ewúrẹ́ níbì kankan. Okùn ti sọ ọ́.

Ọ̀kan wà tí n kò rí ojútùú rẹ̀ pátá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sọ pé obìnrin kan tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ilé ọkọ rẹ̀ báyìí:

Oko mi ti ku si ona Ife. E ba mi wa mekaniki.

Gbogbo ilé ti ń múra àti sunkún kí ojú wọn tó dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Bí mo bá fi àmì sí i bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ìwé náà, mo ní láti yàn: "ọkọ" ni, irọ́ ni mo pa, "ọkọ̀" ni, kò sí ìbẹ̀rù, kò sí ẹ̀rín. Mo fi í sílẹ̀ láìlámì gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe tẹ̀ ẹ́, mo yà á sọ́tọ̀ sórí ìlà tirẹ̀ kó hàn pé ojú fóònù ni. Lójú ìwé, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò ṣeé kà sókè. Ẹnu kò lè sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìsí ohùn, ẹni tó bá kà á sókè gbọ́dọ̀ tú àṣírí tàbí kó purọ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọmọ tó máa kàwé lọ́jọ́ ìpàdé pé kó fo ti yẹn.

Kí n tó gbé ojú ìwé náà fún atẹ̀wé nísinsìnyí, mo máa ń kà á fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí, mo sì máa ń wo ibi tí ẹ̀rín ti jáde. Bí ẹ̀rín bá jáde kí n tó dé òpin, mo mọ̀ pé ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ti pọ̀ jù, mo gé e. Bí onítọ̀hún bá ní "Ẹ̀n-ẹ́n, lẹ́yìn náà ńkọ́?", ohun kan tó yẹ kó ti mọ̀ ni n kò fún un. Bí ó bá sì yin ẹni inú ìtàn, tó ní "ọmọ náà mà mọ̀wà hù o," ẹ̀sín ti di ìkíni, ohun tó ń tako ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí i jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún àwàdà òṣómàáló kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìkíni padà, "lóṣòó" padà, "ẹ" padà. Mo gbé e lọ bá Bàbá ní Ìsọ̀kun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo jókòó sórí àpótí, mo kà á fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Tún ibi tí ọmọ yẹn ti darí dé kà."

Mo kà á: "Ó ní, 'Ẹ kú ilé o, bàbá.'"

"Ta ló ní kó o fi 'bàbá' síbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, sà. Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá, ẹ kú ọ̀sán o, bàbá." Mo ti fi kún ẹ̀kẹta kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba. Mo mú fóònù jáde, mo wá ohùn wọn kàn, mo tẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì sì tẹ́tí. Kò sí "bàbá" nínú ẹ̀kẹta.

Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́? Bàbá wo? Onílé ló ń kí."

Mo mú gègé, mo pa á rẹ́.